Kádíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà, fẹ́lẹ́kìsì tàbí àpò káàdì: èwo ni kí ẹ fi ṣe táìmùtébù kíláàsì yín?

Ọ̀nà mẹ́rin ni olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lè gbà gbé táìmùtébù kọ́ sára ògiri kíláàsì. Ó lè ra kádíbọ́ọ̀dù kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó lè tò ó sórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 mẹ́rin, kó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó lè gbé e fún àwọn tó ń tẹ fẹ́lẹ́kìsì ní Lágéré tàbí lẹ́nu géètì Yunifásítì. Ó sì lè ṣe pátákó alápò, tí káàdì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa wọ̀, tí á máa jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dára, ṣùgbọ́n èyí tó bá kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní mu lè má bá ti ọmọ ọgọ́ta mu rárá.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Lẹ́tà ló ṣáájú. Lẹ́tà tó kéré jù tí ojú tó pé lè kà láti mítà 6 ga tó nǹkan bí mìlímítà 9. Ojú tó pé ni mo wí, nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, pẹ̀lú ẹni tó fara balẹ̀ ń wò. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní àárọ̀ tí òjò ṣú kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún kíláàsì tí ẹ̀yìn rẹ̀ jìn tó mítà 6 tàbí 7. Bí kíláàsì bá gùn ju mítà 8 lọ, ẹ gbé e dé 3. Ẹ fi òdiwọ̀n yìí sọ́kàn, torí òun ló máa pinnu bí àpótí ṣe máa fẹ̀ tó, àpótí ló sì máa pinnu bí bébà ṣe máa tóbi tó. Ọ̀pọ̀ táìmùtébù tó rẹwà ló jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ló ń rí i kà, torí pé bébà ni wọ́n kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó ronú lẹ́tà.

Èkejì ni gígùn àkókò. Bí píríọ́ọ̀dù bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40, tí bíréèkì sì jẹ́ 30, àpótí bíréèkì gbọ́dọ̀ kéré ju ti píríọ́ọ̀dù lọ, kí ọmọ tí kò tíì mọ aago kà dáadáa lè fojú rí i pé èyí gùn ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ tó gba píríọ́ọ̀dù méjì léra á jẹ́ àpótí gígùn kan. Ẹ má fi ìlà gé e láàárín.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Ẹ má kọjá mẹ́fà. Bó bá ti di mẹ́wàá, èyí tó dà bí ara wọn á pọ̀ débi pé ọmọ á padà sí kíka lẹ́tà, àwọ̀ á wá di ẹ̀ṣọ́ lásán. Iṣẹ́ tó ń wáyé jù lọ́sẹ̀ ni kó dá àwọ̀ tirẹ̀ ní. Ẹ da àwọn yòókù pọ̀ bí wọ́n bá ṣe bá ara wọn tan. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa Yorùbá. Funfun, pupa àti dúdú nìkan ni orúkọ àwọ̀ tí a ò yá lára nǹkan. Ìyókù, ara ewé, ọsàn tàbí aró la ti ń mú un. Ẹnu ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń pe àárín ẹyin ní pupa, tó sì ń pe aṣọ aró tó ki ní dúdú. Bí olùkọ́ bá ní “ẹ wo àpótí pupa” níwájú táìmùtébù tó ní pupa, àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò pa pọ̀, ibi mẹ́ta ni ìka á nà sí. Ẹ yọ pupa gan-an kúrò, kí ẹ sì fi nǹkan sọ ìyókù lórúkọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ yàtọ̀. Nítorí wọn, kò sí àpótí tó gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ láìní lẹ́tà.

Ẹ̀kẹrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló wúwo jù: ṣé táìmùtébù náà máa yí padà? Bí olùkọ́ kan bá gba ìwé pé kó lọ sí ilé ìwé mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ni ẹ máa ṣe sí èyí tó wà lára ògiri?

Kádíbọ́ọ̀dù àti bébà aláwọ̀

Kádíbọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 56, ó sì gùn tó 71. Wọn kì í sábà bá ara wọn mu régí, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, wọ́n á to ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n á sì to aago sókè, bí ó ṣe máa ń wà nínú ìwé ọ̀gá ilé ìwé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí píríọ́ọ̀dù mẹ́jọ àti bíréèkì bá ní láti pín sẹ̀ǹtímítà 56 tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ti orúkọ ọjọ́ àti etí, àpótí kọ̀ọ̀kan ò ní fẹ̀ ju 6.4 lọ. Lẹ́tà tó ga ní 2.5 máa ń gba nǹkan bí 1.7 pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Mẹ́ta ló máa wọ̀ ọ́ dáadáa. Orúkọ ìṣirò ní Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà mọ́kànlá, ẹ wá fojú inú wò ó.

Ẹ dá a dúró dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ to ọjọ́ sókè, kí aago máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 2 ní etí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 10 sílẹ̀ fún aago, 42 á kù fún ọjọ́ márùn-ún: 8.4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gígùn, ẹ fi 7 sílẹ̀ fún orúkọ kíláàsì àti 4 fún orúkọ ọjọ́, 56 á kù fún àkókò. Bébà kan náà ni, ṣùgbọ́n àpótí ti fẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é fún Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ karùn-ún kan tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 8:00, tó ń lọ sí bíréèkì láti 10:40 dé 11:10, tó sì ń parí ní 1:50. Ìṣẹ́jú 350 nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà 56 pín sí 350 jẹ́ mìlímítà 1.6 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà píríọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 40 á ga ní 6.4, bíréèkì á sì ga ní 4.8. Ẹ má fi rúlà kékeré wọn àpótí kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, torí bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá fi mìlímítà kan yẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á ti sún tó sẹ̀ǹtímítà kan, àpótí tó kẹ́yìn ò sì ní gba bébà rẹ̀. Ẹ na rúlà bọ́ọ̀dù tàbí téèpù télọ̀ láti ojú 8:00, kó má kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí 6.4, 12.8, 19.2, 25.6, 30.4 níbi tí bíréèkì parí, lẹ́yìn náà 36.8, 43.2, 49.6 àti 56. Orí ìlà gan-an ni kí ẹ kọ aago sí, kì í ṣe àárín àpótí. Ọmọ tó bá rí 8:40 láàárín àpótí kò ní mọ̀ bóyá ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni àbí ìgbà tó parí.

Ní ti àwọ̀, ẹ má fi máákà kun àpótí. Máákà máa ń fi ìlà-ìlà hàn níbi tí ọwọ́ bá ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà dúdú tí ẹ bá kọ lé e kó tó gbẹ á fọ́n ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, bí oòrùn ojú fèrèsé bá sì ti ń bà á, á ṣí kí táàmù tó tán. Bébà aláwọ̀ ló dáa, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí lẹ́tà dúdú lè yọ lórí rẹ̀. Ẹ gé e ní 8 sí 6, kí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣẹ́kù yí i ká. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ 8 sí gígùn A4, mẹ́sàn-án ló máa jáde lára bébà kan; bí ẹ bá dá a kọjú sí ibòmíràn, mẹ́jọ ni.

Mẹ́sàn-án yẹn ló jẹ́ kí owó rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé píríọ́ọ̀dù ogójì ọ̀sẹ̀ náà lọ báyìí: Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà, ìṣirò mẹ́fà, Yorùbá mẹ́rin, sáyẹ́ǹsì márùn-ún, àgbẹ̀ mẹ́ta, ìmọ̀ àwùjọ mẹ́rin, ẹ̀sìn mẹ́rin, iṣẹ́ ọnà mẹ́ta, eré ìdárayá mẹ́ta, ètò ilé méjì. Ẹ fún Gẹ̀ẹ́sì ní búlúù ojú ọ̀run, ìṣirò ní yẹ́lò, Yorùbá ní àwọ̀ ọsàn. Sáyẹ́ǹsì àti àgbẹ̀ á jọ gba àwọ̀ ewé, mẹ́jọ. Àwùjọ àti ẹ̀sìn á jọ gba èsè àlùkò, mẹ́jọ. Ọnà, eré àti ilé á jọ gba pínǹkì, mẹ́jọ. Kò sí àwọ̀ kan tó kọjá bébà kan, ẹyọ kan ó kéré tán á sì ṣẹ́kù fún àṣìṣe. Bébà mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀. Bíréèkì kò nílò àwọ̀. Ẹ jẹ́ kó funfun, kí ẹ kọ BÍRÉÈKÌ gba ọjọ́ márààrún kọjá.

Èdè wa tún ṣe wá lóore níbí. ÌṢIRÒ, GẸ̀Ẹ́SÌ, Ẹ̀SÌN, ÀGBẸ̀, ỌNÀ, ERÉ, ILÉ, gbogbo wọn ló wọ inú 8 láìgé wọn kúrú ní lẹ́tà 2.5. ÀWÙJỌ ní W tó fẹ̀, ẹ sọ tirẹ̀ di 2. YORÙBÁ àti SÁYẸ́ǸSÌ ni kí ẹ gé sí YOR àti SÁY. Gíga àpótí ṣì fi àyè sílẹ̀ fún àmì ohùn lókè àti ẹsẹ̀ lẹ́tà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fún wọn pọ̀, ẹsẹ̀ Ẹ̀ á kan ìlà, láti ọ̀ọ́kán á sì dà bí E lásán.

Góòmù stíìkì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, igun mẹ́rin àti àárín. Góòmù olómi tó bá pọ̀ á mú kí bébà wú, kó wá ká jọ bí awọ tí iná rà. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù tó lọ fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́, aáyán àti eku ló ń pè wá sí kíláàsì.

Ohun tó dáa jù nínú ọ̀nà yìí ni pé àtúnṣe ò le: ẹ lẹ bébà tuntun lé ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ó ṣì máa ń rí bó ṣe yẹ. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Ní ìgbà òjò, ògiri tí kò ní sìmẹ́ńtì dáadáa máa ń la omi, kádíbọ́ọ̀dù á sì rọ̀ láti ẹ̀yìn. Sẹ́lótéèpù kì í sì í dì mọ́ ògiri eléruku. Ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi ìṣó kékeré mú kádíbọ́ọ̀dù mọ́ pákó náà, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Kọ̀ǹpútà àti A4 mẹ́rin

Ìdí tí èyí fi dùn ni pé bí kíláàsì mẹ́fà bá fẹ́ ẹ, ẹnì kan ló máa tò ó, ìyókù á kàn yí orúkọ iṣẹ́ padà. A4 mẹ́rin tí a lẹ̀ pọ̀ jẹ́ 42 sí 59.4, ó kéré sí kádíbọ́ọ̀dù. Lẹ́tà rẹ̀ á dúró sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí náà kíláàsì kékeré ló bá mu.

Nínú Excel, ẹ ṣe ọ̀wọ́n mẹ́fà tó dọ́gba, ọ̀kan fún aago, márùn-ún fún ọjọ́. Ẹ má jẹ́ kí ti aago kéré sí ìyókù. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dọ́gba, àárín bébà á bọ́ sórí ìlà tó wà láàárín Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ibẹ̀ ni bébà méjì á sì ti pàdé. Bí wọn ò bá dọ́gba, ojú ìlẹ̀pọ̀ á gé orúkọ iṣẹ́ sí méjì. Ẹ fi `Row Height` 60 sí píríọ́ọ̀dù, 45 sí bíréèkì. Lẹ́tà 40 ni kí ẹ fi kọ iṣẹ́. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi pamọ́ bíi PDF, kí ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, ẹ lọ sí `Print`, ẹ mú `Poster`, kí ẹ sì fi 200% sí `Tile Scale`.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í tẹ̀ dé etí bébà, nítorí náà 200% lè sọ bébà mẹ́rin di mẹ́sàn-án, tí àwọn kan nínú wọn ò ní ní ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ẹ ó sì sanwó gbogbo wọn. Ẹ wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó tẹ̀. Ẹ máa dín in kù sí 195, 190, títí yóò fi fi mẹ́rin hàn. Ẹ tún béèrè irú ẹ̀rọ tó máa tẹ̀ ẹ́. Íńkì olómi máa ń ṣàn bí omi bá kán sí i, ti oníyẹ̀fun kì í ṣàn. Ojú ìwé tí àwọ̀ bò pátápátá sì máa ń wọ́n ju èyí tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, ẹ dúnàá-dúrà kó tó wọ ẹ̀rọ.

Fẹ́lẹ́kìsì

Kò sí èyí tó lágbára tó o. Omi kò ní kó rọ̀, oòrùn kì í tètè pa àwọ̀ rẹ̀, gìrọ́mẹ́ẹ̀tì onírin tó wà ní igun rẹ̀ á sì gba ìṣó láìya. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀: 3 sí 4 jẹ́ méjìlá, ẹ fi iye tí wọ́n bá dá sọ di ìlọ́po méjìlá, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá owó ẹni tó máa ya á wà nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀n yẹn àpótí á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, lẹ́tà lè ga tó 4. Kíláàsì tó gùn, tí ọmọ ibẹ̀ pọ̀ bí eṣú, òun ló tọ́ sí.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà Yorùbá. Bí kọ̀ǹpútà wọn kò bá ní fọ́ńtì tí ẹ fi kọ ọ́, Ọ̀ àti Ẹ́ á di àpótí òfo tàbí kí àmì fò sórí lẹ́tà kejì. Noto Sans àti Charis SIL máa ń gbé àmì wa dáadáa. Ẹ gbé PDF lọ, kì í ṣe fáìlì Excel, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ lẹ́tà di àwòrán nínú CorelDRAW pẹ̀lú `Ctrl+Q` lójú yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn kó tó lọ sẹ́rọ. Àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ jù lójú kọ̀ǹpútà lè di funfun lórí fẹ́lẹ́kìsì, búlúù tó mọ́lẹ̀ sì lè jáde bí èsè àlùkò. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ abala kékeré kan tó ní àwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èkejì ni pé a ò lè tún un ṣe. Bébà tí ẹ bá lẹ̀ lé e á ṣí, àyàfi sítíkà. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́lẹ́kìsì dandan, ẹ tẹ ìlà, aago, ọjọ́ àti àlàyé àwọ̀ nìkan, kí ẹ fi inú àpótí sílẹ̀ ní funfun, kí ẹ wá máa fi sítíkà aláwọ̀ dí i ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Bí fèrèsé bá kọjú sí i, ojú rẹ̀ tó ń dán á máa tan ìmọ́lẹ̀ padà sójú ọmọ. Ẹ gbé e sí ògiri tí fèrèsé wà, kì í ṣe èyí tó dojú kọ ọ́.

Pátákó alápò

Pílàíwúùdù tàbí kádíbọ́ọ̀dù méjì tí a lẹ̀ mọ́ra ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gé ọ̀já kádíbọ́ọ̀dù mẹ́jọ, ọ̀kan fún píríọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ ká ìsàlẹ̀ wọn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 kó di ètè, kí ẹ sì fi sitépílù kàn án ní ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Káàdì 8 sí 7 á máa jókòó sínú ètè náà. Òkè ni kí lẹ́tà wà, torí ètè á bo ìsàlẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bá fẹ́ ṣe é á fi kádíbọ́ọ̀dù ṣòfò, nítorí àádọ́rin káàdì ló ń jáde lára odidi kan, kò sì nílò ju mẹ́jọ lọ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì mẹ́jọ bá dáwó jọ ra kádíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ mẹ́fà, ó tó gbogbo wọn, káàdì mẹ́fà ó kéré tán á sì ṣẹ́kù nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó rọrùn láti yí padà tó o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè tètè yí i padà kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ẹ gbé e ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago káàdì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá kó wọn nílẹ̀ lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè mọ ibi tí kálukú wọn ti já bọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Olùkọ́ kíláàsì kan, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò ju ogójì lọ, kó mú kádíbọ́ọ̀dù àti bébà aláwọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún wọn, òun ni màá yàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní dé ìkẹta nínú yàrá kékeré, níbi tí ẹnì kan ti mọ Excel lò tí gbogbo kíláàsì sì ń lo aago kan náà, lè lọ sórí A4 mẹ́rin. Ẹ gbé e lọ tẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ ìwọlé tó dé, kí èrò tó kún ṣọ́ọ̀bù.

Ilé ìwé girama tí iṣẹ́ pọ̀, tí olùkọ́ ń wá tí olùkọ́ ń lọ, pátákó alápò ni kó wà ní ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, kí kádíbọ́ọ̀dù sì wà ní kíláàsì. Fẹ́lẹ́kìsì wà fún kíláàsì ńlá àti ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, pẹ̀lú inú àpótí tó ṣófo. Bí ó ti wù kó rí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní táàmù. Ẹ fi A4 dúdú àti funfun lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ àtúnṣe lé e lórí pẹ̀lú bírò, èyí tó bá dúró lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé lọ sí Lágéré.